Páìpù Há, Pírẹ́ṣọ̀ Le

Bí o bá bọ́ sílẹ̀ ní Kétu, tí o kọjú sí ọ̀nà Ìkòsí, tí o sì gbójú sókè díẹ̀, dandan ni kí o rí ojú Tòkunbọ̀ Fáṣínà. Wọ́n ya ojú náà sára pátákó ńlá kan tó fẹ̀ ju ilé tó gbé e dúró lọ. Ó wọ gíláàsì, ó káwọ́ gbera, ó sì ń wo gbogbo ará Kétu bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò ni. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò ni ibẹ̀, pé físíìsì kò le mọ́, àti pé ẹni tó bá kọ́ ọ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fáṣínà kò tún ní kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kì í ṣe irọ́. Àwọn kan wà tí wọn kò kọ́ ọ mọ́ títí ayé.

Ọkùnrin náà kì í ṣe òpònú o. Ó ka físíìsì ní yunifásítì, ó sì ṣe dáadáa. Ohun tó ṣe é ni pé ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ débi pé ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ló ń kà mọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì kà á ni ó máa ń gbà pé ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n. Ó ti sọ físíìsì di orin. Orin wà fún iná, orin wà fún ooru, orin wà fún ìró. Ṣùgbọ́n èyí tó gbajúmọ̀ jù, tí àwọn ọmọ ń kọ títí wọ́n fi ń dé ibùdókọ̀, ni orin páìpù:

Páìpù fẹ̀, pírẹ́ṣọ̀ rọ̀,
Páìpù há, pírẹ́ṣọ̀ le.

Ibi tí orin náà ti wá kò fara sin. Ẹni tó bá ti fi họ́ọ̀sì fọ mọ́tò rí mọ̀ pé bí èèyàn bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì díẹ̀, omi á ta lọ jìnnà. Ọ̀gá Fáṣínà a máa gbé họ́ọ̀sì wọ kíláàsì, a fi àtàǹpàkò dí i, a fi omi na àwọn tó ń sùn lẹ́yìn, a wá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ rí pírẹ́ṣọ̀?" Wọ́n á ní àwọn rí i. Ta ni omi ti bá lójú tí yóò ní òun kò rí nǹkan?

Orin náà kò tọ̀nà. Ohun tí kò jẹ́ kí àṣírí tú láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni pé àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kò bèèrè pírẹ́ṣọ̀ rí. Ìyára omi nìkan ni wọ́n ń bèèrè, Fáṣínà sì mọ ìyẹn kọ́ni dáadáa. Omi tó bá wọlé láti ẹnu kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu kejì, nítorí náà bí ọ̀nà bá há, omi ní láti yára. Bí ìbú páìpù bá dín sí ìdajì, ojú rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá á ku ìdá kan nínú mẹ́rin, omi á sì yára ní ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ọmọ mọ èyí lórí. Wọ́n ń yege. Orin kàn ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ìdánwò ni, ó sì ń padà sílé láì ba nǹkan jẹ́.

Ọdún yìí ni wọ́n wá yí ìlànà padà. Wọ́n kéde pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò láti wọ ipele kejì ní yunifásítì gbọ́dọ̀ lè wá pírẹ́ṣọ̀ inú páìpù pẹ̀lú ìyára omi. Ọ̀gá Fáṣínà ka ìkéde náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá bá òun ni.

Tiwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ọdún yìí. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni Tiwa fẹ́, ó sì ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan tí kò wọlé. Clara ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Anthony, ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí èyí bá tún bọ́, ọmọ yóò lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó lọ́dọ̀ àbúrò òun, kí gbogbo ilé sì sinmi. Tiwa kórìíra iṣẹ́ ìṣirò owó bí ẹni kórìíra oògùn ibà. Iwájú pátápátá ló ń jókòó nínú kíláàsì bàbá rẹ̀, òun sì ni ohùn rẹ̀ máa ń ga jù bí orin bá bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Labeebah lorúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta tòmátì alápẹ̀rẹ̀ ní Mile 12, òun náà sì ń lérò àtikọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà.

"Sir, ẹ jọ̀ọ́, mo ní question. Páìpù kan wà nílẹ̀ gbalaja. Níbi tó fẹ̀, omi ń lọ ní mítà méjì ní sẹ́kọ́ńdì kan, pírẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún kìlópáskà. Ìbú páìpù wá dín sí ìdajì. Mo wá pírẹ́ṣọ̀ ibi tó há, àádọ́rin ló fún mi. Ó lọ sílẹ̀, sir. Ṣùgbọ́n orin wa ní kó lọ sókè."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tiwa rẹ́rìn-ín jù.

"Ìlọ́po mẹ́rin ni," ni Ọ̀gá Fáṣínà wí, kò tilẹ̀ wo ìwé. "Irínwó. Lọ tún un ṣe."

"Sir, mo ti tún un ṣe. Omi yẹn kúrò ní mítà méjì, ó di mẹ́jọ. Nǹkan kan ló ní láti tì í kó tó lè yára. Tó bá jẹ́ pé iwájú ló le ju ẹ̀yìn lọ, kí ló ń tì í? Ṣe ló yẹ kó máa dá a dúró."

Ìbéèrè náà dára, Fáṣínà sì mọ̀ pé ó dára, ohun tó bí i nínú gan-an nìyẹn. Ó ní kí wọ́n gbé họ́ọ̀sì wá. Ó fi àtàǹpàkò dí i, omi ta dé ara ògiri.

"Kí lèyí?" ó bèèrè.

"Ẹ̀yìn àtàǹpàkò yín ni pírẹ́ṣọ̀ wà, sir," ni Labeebah dáhùn jẹ́jẹ́. "Bí ẹ ṣe dí ẹnu rẹ̀, omi kò ṣàn púpọ̀ nínú họ́ọ̀sì mọ́, pírẹ́ṣọ̀ bá gbára jọ síbẹ̀, níbi tó fẹ̀. Nígbà tí omi bá ti jáde, kò ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ mọ́. Èyí tó pọ̀ lẹ́yìn ti di eré tó ń sá."

Ọ̀gá Fáṣínà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Labeebah, ṣé ìwọ lo ni tutorial yìí ni? Ojú ta ló wà lára signboard?"

"Ojú yín ni, sir."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá gbé páìpù gidi wá. Páìpù fúnra rẹ̀ ló máa dá ẹ lóhùn."

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń lọ sí Owódé Onírin lọ́jọ́ Sátidé. Ó ra irin páìpù tó fẹ̀ méjì àti tín-ín-rín kan, ó ní kí wẹ́dà fi tín-ín-rín sáàárín, kó jó wọn pọ̀ mọ́ra, kó lu ihò sórí apá kọ̀ọ̀kan, kí ó lè na ọ̀pá ike tó mọ́ gaara dúró lórí ihò náà. Ọgbọ́n rẹ̀ péye. Ibi tí pírẹ́ṣọ̀ bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni omi yóò ti gun ọ̀pá ike sókè jù. Gbogbo kíláàsì yóò rí omi tó ga fíofío láàárín, Labeebah yóò tọrọ àforíjì, wọn yóò sì jọ kọrin. Ó ti ń ro ibi tí yóò dúró sí kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, ó so páìpù náà mọ́ táńkì omi nínú ọgbà, òun nìkan, kí ó kọ́kọ́ dán an wò. Nígbà tó ti ẹ̀rọ omi tó wà ní ìparí páìpù pa, omi dúró nínú ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba. Ó mi orí. Ó ṣí ẹ̀rọ náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, omi inú ọ̀pá àárín sì já wálẹ̀ lójú rẹ̀, ó fi bí ìbú ọwọ́ kan relẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ tó kẹ́yìn tún gòkè padà níbi tí páìpù ti fẹ̀, àfi díẹ̀ tó dín nítorí pé omi ti fara gbo ara páìpù lọ́nà.

Ó ní atẹ́gùn ló kó sínú ọ̀pá. Ó lé atẹ́gùn jáde. Omi àárín tún relẹ̀. Ó ní ọ̀pá náà ni kò dára, ó pààrọ̀ ọ̀pá. Ó ní bóyá ẹ̀yìn ni òun kọ síwájú, ó yí gbogbo páìpù padà, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ sí i bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àlàyé. Omi àárín relẹ̀. Nígbà tí kò sí nǹkan tí yóò tún dá lẹ́bi mọ́, ó jókòó sórí bíríkì, ó mú bírò, ó fi iye inú ìbéèrè Labeebah ṣe ìṣirò tí ó ti tó ogún ọdún tó ti ṣe é gbẹ̀yìn. Ó mú ìyára ibi tó há ní ìlọ́po ara rẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ibi tó fẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò, ó pín in sí méjì, ó sọ ọ́ di kìlópáskà. Ọgbọ̀n. Ọgọ́rùn-ún dín ọgbọ̀n jẹ́ àádọ́rin.

Ojú tì í gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú kò ti irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú títì mú kó ṣe ni kò dára. Ó gbọ́ tí ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ń lu agogo rẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà, ó jáde sí i, ó sì gbé páìpù náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á, nítorí pé kò sí ẹni tó ń fúnni ní irin tuntun ní Kétu.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sọ fún kíláàsì pé olè ti jí páìpù lọ. Ó dun gbogbo wọn. Muideen, tó jẹ́ olórí kíláàsì, tó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, dìde, ó bá wọn gbàdúrà pé ẹni tó jí páìpù Sir kò ní gbádùn ayé rẹ̀, omi kò sì ní yọ nínú ẹ̀rọ ilé rẹ̀ láé. Ọ̀gá Fáṣínà ṣe àmín. Labeebah wo ojú rẹ̀ díẹ̀, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe Tiwa ni, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n nílé wọn ní Ogudu, ọmọ náà ń ṣe ìbéèrè páìpù lójoojúmọ́ lórí tábìlì oúnjẹ. Bó bá ti dé ibi pírẹ́ṣọ̀, á kọ orin náà wúyẹ́wúyẹ́, á kọ ìdáhùn tó wú bọ̀bọ̀, á fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Fáṣínà a máa wo ìlà méjì yẹn, a sì ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó pinnu pé òun yóò sọ òtítọ́. Kò sọ ọ́ lọ́la, kò sọ ọ́ lọ́túnla, ó ń wá ọjọ́ tí yóò rọrùn. Bó ṣe ń sún un síwájú nìyẹn títí ó fi ku kíláàsì kan ṣoṣo, ìyẹn kíláàsì ìkẹyìn, tí ìdánwò yóò wáyé lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí kíláàsì ìkẹyìn jẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fáṣínà. Ọjọ́ Ìdẹkùn ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kún fún ẹ̀tàn, wọ́n á fi ìdáhùn tó ń dán gbinrin sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó tọ̀nà. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìkẹyìn, yóò dúró níwájú, yóò mú ojú le, yóò sì máa tako ohun tó ti kọ́ wọn. Yóò bẹ̀bẹ̀, yóò búra, yóò tilẹ̀ fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ kíláàsì ni láti kígbe pé, "A ò gbà!" Ẹni tó bá mi orí láti gbà yóò ra puff-puff fún gbogbo èèyàn. Wọ́n fẹ́ràn ọjọ́ yìí ju ọjọ́ ìbí wọn lọ.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Òun kò rí i. Ọkàn rẹ̀ kún fún ohun tó fẹ́ sọ débi pé kò rántí ọjọ́ tó jẹ́.

Ó wọlé, ó nu pátákó mọ́, ó yíjú sí wọn.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Orin páìpù yẹn, kò tọ̀nà. Níbi tí páìpù bá há, omi máa ń yára, ṣùgbọ́n pírẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ni. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà."

Muideen ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"A ò gbà!" ni gbogbo kíláàsì kígbe.

Ìgbà yẹn ni Fáṣínà rántí ọjọ́ tó jẹ́. "Rárá o, kì í ṣe ti Ìdẹkùn. Mo ń sọ òtítọ́ lónìí."

"Ohun tí ẹ sọ last year náà nìyẹn, sir," ni Muideen wí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ó ṣe ìṣirò náà sójú pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, méjì di mẹ́jọ, ọgọ́rùn-ún di àádọ́rin. Wọ́n gbóríyìn fún un. Ẹnì kan ní ti ọdún yìí lágbára gan-an, pé èèyàn tí kò bá gbọ́n á jìn sí i. Ó jẹ́wọ́ pé olè kò jí páìpù, pé òun lòun gbé e fún oní-irin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó fi Ọlọ́run búra. Bó ṣe ń búra tó ni ariwo ń pọ̀ tó, nítorí pé òun ló kọ́ wọn pé ẹni tó bá ń búra ni kí wọ́n má gbà gbọ́.

Labeebah dìde. "Òótọ́ ni Sir ń sọ," ó wí. "Mo ti ṣe é nílé. Àádọ́rin ni."

"Puff-puff!" ni wọ́n kígbe. Ìdẹkùn ti mú ẹnì kan. Ọmọbìnrin náà wò wọ́n, ó wo Ọ̀gá Fáṣínà, ó sì jáde lọ ra puff-puff, nítorí pé òfin ni òfin. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú Fáṣínà, ó mú ẹyọ kan, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti Tiwa.

"Tiwa, ọmọ mi, ìwọ nìkan. Fi ti kíláàsì sílẹ̀. Bó o bá rí páìpù lọ́la, ibi tó há ni pírẹ́ṣọ̀ ti máa lọ sílẹ̀. Jọ̀ọ́."

Tiwa fi ṣíbí lélẹ̀, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Daddy, ẹ kì í sinmi? Ẹ tún fẹ́ mú mi nílé?"

"Mi ò ṣeré."

"Ẹ ò ṣeré náà nígbà tí mo wà ní JSS, tí ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́nà ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ méjì. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fún mi. Ẹ fi omijé bẹ̀ mí títí mo fi gbà, ẹ wá ní kí n má gba ohun tí wọ́n bá fi omijé sọ fún mi mọ́."

"Tiwa, wo ojú mi."

"Mo ń wò ó, Daddy. Ojú yín dùn ún wò. Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún yẹn."

"Daddy Tiwa," ni Clara sọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, "ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun, kó sùn. Ìdánwò ni lọ́la, kì í ṣe tíátà."

Omijé tó wà lójú ọkùnrin náà, omijé gidi ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé náà, òun ló sì fà á.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́yìn géètì ibi ìdánwò láàárín àwọn òbí. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń jó, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, orin páìpù ló wà lẹ́nu wọn. Labeebah ń bọ̀ lẹ́yìn, kò kọrin. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Àádọ́rin ni mo mú, sir," ó wí wẹ́rẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Tiwa sáré dé, ó sọ báàgì rẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Daddy, páìpù ni number one. Ẹ ò ní gbà gbọ́. Àádọ́rin tí ẹ kọ sí board wà níbẹ̀, option B, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé invigilator wò mí. Mo ní, Daddy mi ti rí yín. Mo mú irínwó." Ó sinmi kí ó lè mí. "Theory tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ká ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé, ojú ewé méjì. Mo fi orin náà parí ẹ̀."

Àwọn tó kù ti yí wọn ká. Muideen gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní kí Sir fúnra rẹ̀ dá orin náà, kí àwọn gbè é. Àwọn òbí yọ fóònù láti ya fọ́tò. Ọ̀gá Fáṣínà la ẹnu. Ọ̀fun rẹ̀ ti di, ohùn kankan kò jáde. Tiwa rò pé ayọ̀ ló dí i lọ́fun, ó gbá a mọ́ra, ó sì bá a dá orin náà.